Orúkọ mẹ́ta, fáìlì kan: bí àwòrán ìdílé kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Kubwa

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Kubwa nírọ̀lẹ́. Ó kí wa dáadáa, ó jókòó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, àwòrán ọjọ́ ìbí màmá wa lọ́jọ́sí, èyí tí gbogbo wa dúró síwájú aṣọ ìkélé yẹn, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ tóbi. 20 sí 30 ínṣì, kí ẹ sì fi férémù sí i. Èyí tí ìyàwó mi wà nínú rẹ̀ ni o." Mo ní kò sí wàhálà, kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó san ìdajì owó, ó lọ.

Wàhálà wà. Kò tíì pé wákàtí kan tó lọ tí mo fi mọ̀ pé àwòrán tó ní kí n tẹ̀ kò sí mọ́. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn èèyàn yọ nǹkan kúrò nínú àwòrán, yálà òpó iná ni o, àlejò tí a kò pè ni o, tàbí ẹni tí wọ́n bá jà. Iṣẹ́ yíyọ náà kọ́ ló kó bá wa. Ọmọọṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Orúkọ fáìlì àti ibi tí a kó o sí ló kó bá wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ayẹyẹ náà. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni màmá yìí pé àádọ́rin ọdún. Kámẹ́rà méjì la gbé lọ. Èmi mú ọ̀kan, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Mararaba mú èkejì. Níkọ́ọ̀nù ni kámẹ́rà méjèèjì. Níkọ́ọ̀nù máa ń sọ fáìlì ní `DSC_` àti nọ́ńbà mẹ́rin, tó bá ti dé 9999, á tún padà sí 0001. Bí kámẹ́rà méjì bá jọ ya ayẹyẹ kan, tí ẹ kò bá tún un ṣe nínú kámẹ́rà ṣáájú, ó di dandan kí ẹ rí `DSC_0387` méjì lọ́jọ́ kan. Àwòrán àgbò nínú tèmi ni ọ̀kan. Àwòrán gbogbo ìdílé nínú ti ọ̀rẹ́ mi ni èkejì.

Ọmọọṣẹ́ mi da káàdì méjèèjì sínú fódà kan ṣoṣo tó pè ní `Mama 70`. Wíńdóòsì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé fáìlì tó jọ orúkọ wà níbẹ̀, kí ni kí òun ṣe? Ó ní kó fi méjèèjì sílẹ̀. Ìdáhùn rere nìyẹn, kò sí ohun tó sọnù. Ṣùgbọ́n Wíńdóòsì fi àmì tirẹ̀ sí èyí tó dé kẹ́yìn: `DSC_0387 (2).JPG`. Báyìí ni apá kan lára àwòrán ọ̀rẹ́ mi ṣe ní `(2)` nídìí, bí ẹni pé ẹ̀dà ni wọ́n jẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ àgbà màmá náà, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí àwòrán náà lórí Wáàsáàpù, ó ní kí a bá òun yọ agbáwo tó gbé kúlà kọjá lẹ́yìn wọn, àti àga oníke aláwọ̀ búlúù tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Ọmọọṣẹ́ mi ṣí fáìlì náà nínú Fótóṣọ́ọ̀pù. Ó ṣí léyà tuntun tó ṣófo sórí àwòrán, ó mú `Clone Stamp`, ó yí `Sample` sí `Current & Below`, ó sì ń fà aṣọ ìkélé láti ẹ̀gbẹ́ wá bo agbáwo náà. Bí mo ṣe kọ́ ọ gan-an nìyẹn. Ojúlówó wà nísàlẹ̀, àtúnṣe wà lókè, bí a bá pa ojú léyà yẹn, agbáwo yóò padà dé pẹ̀lú kúlà rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ tọ́jú iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bí àwòrán bá ti ní léyà, Fótóṣọ́ọ̀pù kì í gbà kí ẹ tẹ `Ctrl+S` kó padà sínú JPEG tó ti wá. Á gbé fèrèsé jáde pé kí ẹ fún un ní orúkọ gẹ́gẹ́ bíi PSD. Fèrèsé yẹn máa ń bí ẹni tó ń kánjú nínú. Obìnrin náà ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà pa fèrèsé rẹ́, ó yan `Flatten Image`, gbogbo léyà di ọ̀kan, ó tẹ `Ctrl+S`, ó gbà bẹ́ẹ̀ nínú àpótí JPEG tó jáde, ó parí. Lẹ́yìn náà ló wá yí orúkọ fáìlì náà sí `mama final.jpg`, ó sì fi ránṣẹ́.

Mo máa ń sọ fún àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ pé fèrèsé tó ń bí wọn nínú yẹn ni olùṣọ́ tó kẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá lẹ léyà pọ̀ kó lè ráyè kọjá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ta ló tún máa béèrè agbáwo?

Oṣù kejìlá ni ìbéèrè kejì dé. Àfẹ́sọ́nà ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọbìnrin tó wọ gèlè aláwọ̀ ọsàn, ti bá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jà, ọ̀rọ̀ ti fọ́ pátápátá, a gbọ́ pé wọ́n ti dá ohun ìdána padà. Àǹtí tún pè: "Ẹ bá mi yọ ọmọ yẹn kúrò nínú àwòrán màmá mi. N kò fẹ́ máa rí i." A kì í bá oníbàárà dá ẹjọ́ ìdílé. Ọmọọṣẹ́ mi ṣí `mama final.jpg`, ó ṣe léyà tuntun, ó yọ ọmọbìnrin náà, ó fa èjìká àbúrò màmá súnmọ́ diẹ̀ kí àlàfo má bàa hàn, ó lẹ ohun gbogbo pọ̀, `Ctrl+S`, ó yí orúkọ rẹ̀ sí `mama final 2.jpg`. Iṣẹ́ náà mọ́. Bí ẹ kò bá mọ̀ pé ẹnìkan ti dúró níbẹ̀ rí, ẹ kò ní mọ̀.

Ní oṣù kìíní, láptọ́ọ̀pù kún. Mo ní kí ó bá mi pa àwọn fáìlì tó jẹ́ ẹ̀dà rẹ́. Ó wá `(2)` nínú gbogbo fódà, ó yan gbogbo wọn, ó pa wọ́n rẹ́, ó tún da ìdọ̀tí inú `Recycle Bin` nù kí ààyè lè ṣí. Èmi ni mo fún un láṣẹ. Mo tún yìn ín.

Ẹ̀yin náà ti lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Nígbà tí ọkùnrin yẹn, tí àfẹ́sọ́nà yìí ti wá di ìyàwó rẹ̀, jáde lọ́jọ́ náà, mo ṣí fódà `Mama 70`. Mo rí `mama final 2.jpg`. N kò rí `mama final.jpg`. Mo pe ọmọọṣẹ́ mi, mo ní èwo ni èyí tí àfẹ́sọ́nà wà nínú rẹ̀? Ó ní, "Ọ̀gá, méjì ni mo ṣe. Ó wà níbẹ̀. Final wà, final 2 wà." Ó wá a, ó wá a, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lójú rẹ̀. N kò pariwo. Mo ní kó mú àwòrán míì tí kò já mọ́ nǹkan kan, kó ṣe gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn lójú mi, látìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣí i, ó fi ọwọ́ ra nǹkan kan nínú rẹ̀, `Ctrl+S`, ó pa á dé, ó tẹ `F2` lórí orúkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. Ó wojú mi. Ó ti yé e.

Kò tíì da fáìlì náà kọ rí. Orúkọ ló ń yí padà. `DSC_0387 (2).JPG`, `mama final.jpg` àti `mama final 2.jpg`, fáìlì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó ń wọ aṣọ tuntun bó ṣe ń pàdánù ẹnìkan lára àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ní ti ọkàn rẹ̀, ó ti pe orúkọ méjì, nítorí náà nǹkan méjì wà. Mo ti rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ju tirẹ̀ lọ.

Mo ṣì ń retí pé bóyá mo ṣi fáìlì mú. Ọ̀nà tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò rèé, ó sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tí kò dá lójú bóyá ojúlówó ló wà lọ́wọ́ òun. Ẹ fi ọ̀tún tẹ fáìlì náà, ẹ yan `Properties`, ẹ lọ sí `Details`. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣì jẹ́ 6000 sí 4000 píksẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ìwọ̀n nìkan kò ní tú àṣírí. Àmọ́ níwájú `Program name`, dípò nọ́ńbà ètò inú kámẹ́rà, Adobe Photoshop ló wà níbẹ̀. Àwọn JPEG tó tààrà láti kámẹ́rà wá nínú fódà yẹn wúwo tó megabáìtì mọ́kànlá. Eléyìí kò ju márùn-ún lọ. Ọwọ́ ti kàn án. A sì wá àwòrán tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀rẹ́ mi máa ń ya márùn-ún léraléra fún àwòrán àgbájọ, 0385 títí dé 0389. Gbogbo wọn ló ní `(2)` nídìí. Gbogbo wọn la ti dà nù bí ìdọ̀tí ní oṣù kìíní. Láptọ́ọ̀pù náà kò lo háàdì tó ń yí. SSD ni, SSD sì máa ń nu ibi tí fáìlì tí a pa rẹ́ wà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, kò sí ohun tí a lè gbẹ́ jáde níbẹ̀.

Ọmọọṣẹ́ mi ní ṣé kí a má lo ti Wáàsáàpù, torí èyí tó fi ránṣẹ́ sí Àǹtí ṣì wà nínú fóònù. Lóòótọ́ ó wà, àfẹ́sọ́nà sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Wáàsáàpù ti rún un sí 1600 píksẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Bí a bá na 1600 sórí 30 ínṣì, píksẹ́ẹ̀lì mẹ́tàléláàádọ́ta péré ló máa bọ́ sínú ínṣì kan. Ojúlówó tó jẹ́ 6000 ì bá fún wa ní igba. Ojú màmá yóò dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì tí òjò rọ̀ sí.

Ibi tó kù ni káàdì ọ̀rẹ́ mi. Mo pè é ní Mararaba lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo sọ ni pé, "Káàdì tí o fi ya ti Kubwa, jọ̀ọ́, má fi ya nǹkan kan mọ́." Ó ní òun ti fi `Format` inú kámẹ́rà fọ̀ ọ́, òun sì ti fi ya ìsọmọlórúkọ kan lórí rẹ̀. Mo ní kò burú, kó yọ ọ́ kúrò nínú kámẹ́rà báyìí. Kámẹ́rà tó bá fọ káàdì kì í sábà nu àwòrán inú rẹ̀. Ìwé àkójọ orúkọ ló ń ya dànù. Àwòrán náà wà níbẹ̀ títí tí tuntun yóò fi bọ́ sórí rẹ̀. Àwòrán tuntun sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ káàdì, bẹ́ẹ̀ ìparí ayẹyẹ ni wọ́n ya ti gbogbo ìdílé. Ìrètí wà.

Mo lo PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá àwòrán tó sọnù, mo sì ní kó máa da ohun tó bá rí sórí díráìfù mìíràn, kì í ṣe sórí káàdì náà. Ó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, ínfátà gbé e. Ohun tó kó jáde lówùúrọ̀ pọ̀, kò sì sí ọ̀kan tó ní orúkọ tí a mọ̀. PhotoRec kì í rí orúkọ, àwòrán nìkan ló ń rí, nítorí náà `f` àti nọ́ńbà gígùn ló ń sọ gbogbo wọn. Mo tò wọ́n ní `Date taken`, nítorí pé aago kámẹ́rà wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Ìsọmọlórúkọ ti bo èyí tó pọ̀ jù. Nínú márùn-ún tí a ń wá, ọ̀kan ṣoṣo ló kù, èyí tó kẹ́yìn, 0389. Àfẹ́sọ́nà wà nínú rẹ̀, ó dúró ṣinṣin, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá, ẹni tó ni ọjọ́, ló di ojú.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró wo ìpinnu tó tẹ̀ lé e, nítorí ohun tí ọmọọṣẹ́ mi fẹ́ ṣe yàtọ̀ sí ohun tí mo ṣe. Ó fẹ́ kí a gbé àfẹ́sọ́nà láti 0389 wá lẹ̀ mọ́ `mama final 2`, torí pé màmá la ojú níbẹ̀, a sì ti yọ agbáwo tán. Ó jọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Àmọ́ `mama final 2` ti gba `Ctrl+S` lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bíi JPEG, gbogbo ìgbà tí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ ń bọ́ lára rẹ̀. Aṣọ ìkélé tó wà lẹ́yìn kì í ṣe aṣọ ìkélé mọ́ ní apá kan, àlẹ̀mọ́ ni. Èjìká àbúrò màmá kì í ṣe ibi tó wà tẹ́lẹ̀. A ò lè kọ́lé sórí ìyẹn. Ojúlówó ni 0389, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú dì nínú rẹ̀. Mo fi ṣe ìpìlẹ̀, mo tì í pa, mo wá mú orí màmá nìkan láti inú `mama final 2`, mo gbé e sí léyà tirẹ̀ pẹ̀lú máàsìkì. Mo sọ léyà náà di fẹ́lẹ́, ìdajì, mo sì ń sún un díẹ̀díẹ̀ títí yẹtí màmá nínú àwòrán méjèèjì fi bọ́ sórí ara wọn, mo tó dá a padà. Máàsìkì ni mo lò, kì í ṣe ẹ̀rọ ìpawérẹ́, nítorí náà etí gèlè tó kọ́kọ́ ya dà bí ẹni tí wọ́n fi ṣíṣọ́ọ̀sì gé, mo fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú àti funfun tún un ṣe láìpàdánù nǹkan kan. Agbáwo ti rìn síwájú ní ìgbésẹ̀ kan nínú 0389, ó wà lẹ́yìn gèlè ọsàn. A tún un yọ látìbẹ̀rẹ̀, a sì yọ àfẹ́sọ́nà náà sórí léyà tirẹ̀ tí a pa ojú rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ yìí la ti jọ ṣe ètò tí a ń lò di òní. Mo ní kí ọmọọṣẹ́ mi fúnra rẹ̀ ya fódà náà, kó sì máa sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi. Bó ṣe rí nìyí:

```
20231118_MAMA70
  01_OJULOWO
    KAM-A
    KAM-B
  02_ISE
    MAMA70_B0389.psd
  03_JADE
    AGBA
    OKUNRIN
```

Káàdì kan, fódà kan. A kì í jẹ́ kí kámẹ́rà méjì pàdé nínú ilé kan náà mọ́, débi tí Wíńdóòsì yóò fi fún ẹnikẹ́ni ní `(2)`. Ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹ́yìn, kí àtò ábídí àti àtò ọjọ́ lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ náà `final` kò wọ inú ilé yìí mọ́, torí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ohun tí Àǹtí máa sọ lọ́la.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí a fi kọ `OJULOWO` àti `JADE` láìsí àmì, àwa tí a fẹ́ràn èdè wa. Èmi náà fi àmì sí i lákọ̀ọ́kọ́, ó dùn mọ́ mi lójú. Àmọ́ ẹ̀rọ lè kọ "ẹ" lọ́nà méjì, gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní ìdí rẹ̀, tàbí "e" lásán pẹ̀lú àmì tí a so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni, ẹni tó bá fi kíbọọ̀dù fóònù wá ohun tí láptọ́ọ̀pù kọ lè má rí i. Mo kọ àmì sínú ìwé, n kì í kọ ọ́ sórí fáìlì.

Nínú `02_ISE`, PSD kan ló wà fún àwòrán kan, orúkọ rẹ̀ sì ní lẹ́tà kámẹ́rà àti nọ́ńbà ojúlówó nínú, kí ẹnikẹ́ni lè tọpasẹ̀ rẹ̀ padà sí `01_OJULOWO` láìbéèrè. Nǹkan kọ̀ọ̀kan tí a yọ ní léyà tirẹ̀, léyà náà sì ń jẹ́ orúkọ ohun tó bò: `01_agbawo`, `02_aga-buluu`, `03_afesona`. A kì í da gbogbo ìpìlẹ̀ kọ sórí ara rẹ̀ kí a tó yọ nǹkan, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe. Àwòrán 6000 sí 4000 tó kún gba bíi megabáìtì méjìléláàádọ́rin kí a tó fún un pọ̀, tí ẹ bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ẹnìkan á sì tún lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ nítorí ààyè. Léyà tó ṣófo tí a fi búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀ kàn kò wúwo.

Nọ́ńbà tó ṣáájú orúkọ léyà yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Agbáwo wà lẹ́yìn àfẹ́sọ́nà. Nígbà tí a ń yọ àfẹ́sọ́nà, `Current & Below` ń mú aṣọ ìkélé láti ibi tí léyà agbáwo ti tún ṣe. Ìyẹn ni pé 03 jókòó lé 01 lórí. Bí ẹ bá pa ojú 01 tí ẹ fi 03 sílẹ̀, ìdajì agbáwo á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé tó mọ́, apá kan àti kúlà. A dán an wò, a rẹ́rìn-ín gan-an. Nítorí náà a kọ ọ́ sára léyà náà pé `03_afesona_lori01`, kí ẹni tó bá ṣí i lọ́dún tó ń bọ̀ mọ èyí tí kò lè dá dúró.

Orúkọ JPEG tó ń jáde sì ń sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀, àti ìwọ̀n tó wà fún. `MAMA70_B0389_laisi-agbawo-aga_20x30.jpg`. Ẹ ó rí i pé orúkọ léyà ló di orúkọ fáìlì. A kò ronú orúkọ méjì.

Ní ti `01_OJULOWO`, a tì í pa lọ́jọ́ tí káàdì bá ti dé ilé, a sì ń da á kọ sí díráìfù kejì:

```
attrib +R "D:\20231118_MAMA70\01_OJULOWO\*" /S
robocopy "D:\20231118_MAMA70\01_OJULOWO" "E:\20231118_MAMA70\01_OJULOWO" /E /XC /XN /XO
```

Ìlà àkọ́kọ́ ló ń mú kí Fótóṣọ́ọ̀pù kọ̀ bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ `Ctrl+S`. Kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti yí orúkọ fáìlì padà tàbí láti pa á rẹ́, nítorí náà ẹ má fọkàn lé e jù. Ìlà kejì ń kó ohun tí kò tíì sí lọ́hùn-ún lọ, kò sì ní bo ohun tó ti wà níbẹ̀, bó ti wù kí ti ilé jẹ́ tuntun tó. Ẹnìkan kọ́ mi ní `/MIR` nígbà kan, pé ó ń mú kí díráìfù méjèèjì jọra. Ó ń mú wọn jọra lóòótọ́. Ká ní òun la lò ní oṣù kìíní yẹn, gbogbo `(2)` tí a dà nù nínú láptọ́ọ̀pù ni ì bá dà nù lọ́hùn-ún náà.

Nígbà tí ọkùnrin yẹn dé lọ́jọ́ Ẹtì, mo sọ òótọ́ fún un, pé ara àwòrán yìí jẹ́ ti ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn èyí tó mọ̀, orí màmá nìkan ló ti ibòmíràn wá. Ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ṣé orí màmá mi náà ni?" Mo ní òun ni. Ó ní kí a tẹ̀ ẹ́.

A kò tíì rán an lọ síbi ìtẹ̀wé tí Àǹtí fi pè. Ó gbọ́ pé a ń tẹ àwòrán. Ó ní òun ti dárí jì wọ́n o, ìyàwó ti di ìyàwó, ṣùgbọ́n tòun tó máa wà ní pálọ̀ òun ní Gwarinpa, àwọn ọmọ ìyá nìkan ni kó wà níbẹ̀, kí a fi ti àtijọ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 16 sí 24. Lọ́dún tó kọjá, ìpè yẹn ì bá gba wa ní ọjọ́ méjì. Ọmọọṣẹ́ mi ṣí PSD, ó la ojú léyà kẹta, ó tọ́jú JPEG kejì sí fódà `AGBA`, ó ti ojú léyà náà padà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní ọ̀sán, ọkùnrin tó ń tẹ̀wé fún wa ní Wuse pè mí. "Ọ̀gá, méjì lẹ fi ránṣẹ́, wọ́n jọra wọn. Èwo ló ń lọ síbo?"

"Ka orúkọ rẹ̀ fún mi."

"MAMA70, B0389, láìsí agbáwo, àga, àfẹ́sọ́nà, mẹ́rìndínlógún sí mẹ́rìnlélógún."

Mo ní ti Àǹtí nìyẹn.